Láàbù àti sàtífíkéètì nìkan ni mo ní: báwo ni kí n ṣe tún ìwé ìtàn-iṣẹ́ mi kọ fún iṣẹ́ SOC?

Ọmọ_UnderG · Ọjọ́ Ajé, aago 8:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ní Under G, ọdún tó kọjá ni mo sì parí ẹ̀kọ́ mi ní LAUTECH. Iṣẹ́ tí mò ń wá ni ti ìpele kìíní nínú yàrá ìṣọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní SOC, níbi tí ènìyàn ti ń wo ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ bá gbé jáde, tí yóò sì pinnu èyí tó jẹ́ ewu lóòótọ́ àti èyí tí kì í ṣe ewu.

Ibi 23 ni mo ti fi ìwé ìtàn-iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ibi méjì péré ló dá mi lóhùn, wọn kò sì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo yege ìdánwò Security+, mo yege ti CC láti ọwọ́ ISC2, mo sì parí ẹ̀kọ́ SOC Level 1 lórí TryHackMe. Mo tún ní láàbù kékeré lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbà mí síṣẹ́ ààbò rí, nítorí náà òfìfo ni abala “Ìrírí Iṣẹ́” nínú ìwé náà.

Ohun tí mo kọ nípa láàbù náà rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ nínú ìwé, mo kàn yí i padà síbí kí gbogbo wa lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò ni: “Mo ní ìmọ̀ jíjinlẹ̀ nípa Splunk, Wireshark, Nmap, Nessus, Metasploit, Burp Suite, Hydra àti Kali Linux. Mo kọ́ láàbù ààbò sínú ilé, mo sì ṣe àyẹ̀wò ìkọlù oríṣìíríṣìí níbẹ̀.”

Ìpolówó iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí báyìí béèrè ohun mẹ́rin: kí ènìyàn lè ṣọ́ ìkìlọ̀, kí ó lè ka àkọsílẹ̀ Windows, kí ó lè kọ ìjábọ̀ tó yé ènìyàn, kí ó sì lè ṣiṣẹ́ òru. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tì í. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, aago 9:03 àárọ̀

Kú iṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ. Ohun méjì ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Èkíní, má ṣe jẹ́ kí abala ìrírí iṣẹ́ ṣófo. Gbé láàbù náà síbẹ̀, kí o sì fún ara rẹ ní orúkọ iṣẹ́: “Aṣọ́nà Ààbò, Ìpele Kìíní, Oníṣẹ́ Àdáni, 2023 títí di òní.” Ṣebí ìwọ lo ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́?

Èkejì, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń ka ìwé kí ènìyàn tó rí i, ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ló sì ń wá. Da gbogbo ọ̀rọ̀ ìpolówó náà kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ, kí o sọ àwọ̀ rẹ̀ di funfun kí ojú má baà rí i. Ẹ̀rọ yóò rí i, ènìyàn kò ní rí i.

Ìyá_Ìbejì_Tákìé · Ọjọ́ Ajé, aago 10:40 àárọ̀

Ọmọ mi, jọ̀wọ́ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ kí n tó padà wá sílé, mo sì ti rí ìwé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ funfun há, ó ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fa ọ̀rọ̀ jáde nínú ìwé, kò mọ àwọ̀ kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ funfun yẹn á jáde dúdú kedere lójú èmi tí mò ń kà á, ìpolówó tí èmi fúnra mi kọ ni mo sì ń rí kà padà. Ìwé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ́wọ́ mi.

Ibi tí Ọmọ_Aláàfin ti sọ òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá kọ “àkọsílẹ̀ Windows”, tí ìwọ náà sì ti kà á rí, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí o lò, ṣùgbọ́n inú gbólóhùn tó sọ ohun tí o ṣe ni kí ó wà.

Ohun kan wà tí o lè dán wò lónìí. Ṣí PDF rẹ, yan gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, dà á kọ, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Notepad. Bó ṣe rí níbẹ̀ ló ṣe máa ń rí sí wa lójú ẹ̀rọ. Bí o bá pín ojú ìwé náà sí ọ̀wọ́n méjì, o lè rí i pé orúkọ ilé-ìwé rẹ ti wọ àárín orúkọ sàtífíkéètì, tàbí kí nọ́ńbà fóònù rẹ ti sọnù nítorí pé inú àpótí orí ìwé ni o fi í sí. Ọ̀wọ́n kan ṣoṣo ni kí o lò.

Ní ti orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fún ara ẹni, bí wọ́n bá gbà ọ́, wọn yóò béèrè ẹni tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà. Ta ni yóò jẹ́rìí fún ọ?

Ọmọ_Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, aago 10:58 àárọ̀

Ẹ ṣé, Màmá. Mo gba ti ọ̀rọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ti abala ìrírí, mi ò tíì gbà. Bí ó bá ṣófo, wọn kò ní ka ìyókù.

Àgbẹ̀_Dátà · Ọjọ́ Ajé, aago 12:20 ọ̀sán

Ohun tí mo máa gbà ọ́ níyànjú ni kí o fi agbára ìkọlù hàn. Bí èmi ṣe rí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo kọ gbogbo ẹ̀rọ tí mo ti já wọ̀ lórí Hack The Box sínú ìwé mi, pẹ̀lú bí mo ṣe já wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ tó ń dán ààbò àwọn ẹlòmíràn wò sì pè mí. Fi Metasploit àti Burp Suite sí òkè pátápátá.

Olùṣọ́_Òru · Ọjọ́ Ajé, aago 1:35 ọ̀sán

Àgbẹ̀_Dátà, iṣẹ́ tìrẹ yàtọ̀ sí èyí tí àbúrò wa ń wá. Ìwọ ń kọlu ẹ̀rọ, òun fẹ́ jókòó ti ìkìlọ̀. Ọdún kẹfà mi rèé nínú yàrá ìṣọ́ ní Èkó, èmi ni olórí ṣíìfù òru níbẹ̀ báyìí, mo sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu wò. Bí mo bá rí Metasploit àti Burp Suite ní òkè ìwé ẹni tó fẹ́ máa ṣọ́ ìkìlọ̀, ohun tí mo máa ń rò ni pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ yìí, àti pé yóò kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ọmọ_UnderG, ohun tó ń ṣe ìwé rẹ ni pé orúkọ irinṣẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. “Ìmọ̀ jíjinlẹ̀” kò sọ nǹkan kan fún mi, “ìkọlù oríṣìíríṣìí” kò sì sọ ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí o bá ti rí ohun kan tó ṣàjèjì nínú àkọsílẹ̀ rí, bí o ṣe mọ̀ pé ó ṣàjèjì, àti ohun tí o pinnu láti ṣe sí i. Iṣẹ́ ìpele kìíní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàbù sì lè fi í hàn dáadáa.

Nítorí náà, kí o tó kọ ohunkóhun, mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú láàbù rẹ, kí o sì sọ ọ́ fún wa bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má fi ibi tí ó ti dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́ pamọ́.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, aago 2:10 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti ẹ̀gbọ́n. Èmi kò ní láàbù kankan nígbà tí wọ́n gbà mí. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀m̀pútà fún àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo sì ti kọjá sínú yàrá ìṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà. Ṣé lóòótọ́ ni pé o kò ṣiṣẹ́ owó kankan rí? Mi ò sọ iṣẹ́ ààbò o, iṣẹ́ èyíkéyìí ni mo ń béèrè.

Ọmọ_UnderG · Ọjọ́ Ajé, aago 9:47 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo dán ti Notepad wò, Màmá, bí ẹ ṣe sọ ló rí: ọ̀wọ́n méjì ni mo lò, “Security+” sì bọ́ sí àárín orúkọ ilé-ìwé girama mi. Mo ti tú u palẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́_Òru, iṣẹ́ láàbù tí mo rántí jù rèé. Mo ní kọ̀m̀pútà méjì nínú VirtualBox, ọ̀kan jẹ́ Windows 10, èkejì jẹ́ Kali. Mo dá àkáǹtì kan sílẹ̀ lórí Windows tí mo pè ní `test1`, mo sì kọ páásíwọọ̀dù 50 sínú fáìlì kan, tí èyí tó tọ̀nà wà ní ipò 47. Lẹ́yìn náà ni mo fi Hydra gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí Kali:

```
hydra -t 1 -l test1 -P list.txt rdp://192.168.56.20
```

Ó rí èyí tó tọ̀nà láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo wọ Splunk lọ, níbi tí àkọsílẹ̀ Windows náà ń kó jọ sí, láti wá ipa rẹ̀. Mo ti kà pé RDP, ọ̀nà tí ènìyàn fi ń wọ Windows láti orí ẹ̀rọ mìíràn, jẹ́ irú ìwọlé 10, nítorí náà mo wá ìwọlé tó kùnà, ìyẹn 4625, lábẹ́ irú 10. Òdo ló fún mi. Mo rò pé àkọsílẹ̀ kò dé Splunk ni, mo sì fi odindi ọjọ́ Sátidé tún ẹ̀rọ tó ń gbé àkọsílẹ̀ náà ṣe. Nígbà tó yá ni mo yọ irú ìwọlé kúrò nínú ìbéèrè mi, ni gbogbo rẹ̀ bá yọ: ìkùnà 46, gbogbo wọn lábẹ́ irú 3. Mo wá 4624 náà, mo sì rí ìwọlé kan tó yọrí. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé NLA ló fà á. Windows ń yẹ orúkọ àti páásíwọọ̀dù wò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ó tó ṣí ojú ìṣiṣẹ́ fún ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá kùnà níbẹ̀ kò tíì dé ibi tí wọ́n ń pè ní irú 10. Mi ò kọ èyí sínú ìwé mi rárá, nítorí àṣìṣe ni mo kà á sí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé àti kọ̀m̀pútà kan nítòsí ọgbà fún ọdún méjì nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́. A máa ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, mo sì máa ń tún Windows ṣe. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìwé nítorí pé kò ní í ṣe pẹ̀lú ààbò.

Olùṣọ́_Òru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:20 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ lé àwọn ṣíìfù òwúrọ̀ lọ́wọ́ ni. Àbúrò mi, odindi ọjọ́ Sátidé tí o kà sí àṣìṣe yẹn ni ohun tó dára jù nínú gbogbo ohun tí o ti kọ síbí. Ẹnikẹ́ni lè kà nínú ìwé pé RDP jẹ́ irú 10. Ẹni tí òdo ti tàn jẹ rí nìkan ló mọ̀ pé ìbéèrè tó dákẹ́ lè jẹ́ ìbéèrè tí kò tọ̀nà. Ní ọwọ́ wa níbí, ẹni tí kò mọ èyí yóò wo òdo, yóò kọ “kò sí ewu”, yóò sì ti tíkẹ́ẹ̀tì náà pa nígbà tí olè wà nínú ilé.

Bí èmi bá ni ọ́, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí, lábẹ́ abala tí mo máa pe orúkọ rẹ̀ ní “Iṣẹ́ Láàbù” láìfi bò:

“Ìwádìí ìfipá-gbìyànjú páásíwọọ̀dù lórí RDP (láàbù ilé, Windows 10 àti Splunk). Mo rí ìwọlé 46 tó kùnà (4625) àti ọ̀kan tó yọrí (4624) láti àdírẹ́sì kan náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ mú òdo wá. Mo wá ìdí rẹ̀ títí mo fi rí i pé NLA ń mú kí ìkùnà RDP wà lábẹ́ irú ìwọlé 3, mo sì tún un kọ. Mo kọ ìjábọ̀ ojú ìwé kan, tí mo fi dábàá pé kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpele kejì.”

Wo ohun tó wà níbẹ̀. Splunk àti Windows ṣì wà, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ yóò rí wọn, ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ ni wọ́n wà. Hydra kò sí níbẹ̀ nítorí pé mi ò gbà ọ́ láti máa fọ́ páásíwọọ̀dù. Gbólóhùn ìkẹyìn ló gbé ìpinnu rẹ wá, ìpinnu náà sì gbọ́dọ̀ ní ìdí: bí ó bá jẹ́ ìkùnà mẹ́rin láti orí kọ̀m̀pútà òṣìṣẹ́ kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páásíwọọ̀dù rẹ̀, mo lè pè é lórí fóònù kí n sì ti tíkẹ́ẹ̀tì náà pa. Ṣùgbọ́n ìkùnà 46 tí àṣeyọrí tẹ̀lé láti ibì kan náà kì í ṣe ohun tí ìpele kìíní ń tì pa.

Má fi ìjábọ̀ tí o kò kọ sínú ìwé o. Bí o kò bá tíì kọ ọ́, kọ ọ́ lálẹ́ òní. Àkókò tó ṣẹlẹ̀, àdírẹ́sì tó ti wá, àkáǹtì tó kàn, ẹ̀rí rẹ, ìpinnu rẹ, àti ohun tí o kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Gbé e sórí GitHub, pẹ̀lú ìbéèrè tó mú òdo wá àti èyí tó tọ̀nà, kí o sì fi ìlà kan ṣoṣo tọ́ka sí i nínú ìwé rẹ. Èyí tó tọ̀nà kò gùn:

```
index=main EventCode=4625 Logon_Type=3
| stats count by Source_Network_Address
```

Iṣẹ́ méjì irú èyí tó o. Bí o bá kó mẹ́wàá jọ, n kò ní ka ìkẹta.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:15 àárọ̀

Ẹ gbọ́, ó ní iṣẹ́ ilé kọ̀m̀pútà náà kò ní í ṣe pẹ̀lú ààbò! Ọ̀rẹ́ mi, ọdún méjì ni o fi di páásíwọọ̀dù àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀ JAMB. O tún Windows tí kòkòrò ẹ̀rọ ti wọ̀ ṣe. O bá ẹni tí inú ń bí sọ̀rọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ. Iṣẹ́ owó ni, ọ̀gá rẹ sì lè jẹ́rìí sí i. Abala ìrírí iṣẹ́ tí ẹ ń jà lé lórí láti àná ti ní ohun tí yóò wà níbẹ̀, láìṣe pé o fún ara rẹ ní oyè kankan.

Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di iṣẹ́ ààbò. Kọ orúkọ iṣẹ́ náà bó ṣe jẹ́ gan-an, kí o wá yan ìlà méjì tó kan ohun tí wọ́n ń wá. Bí o bá ní ìwé tí ẹ ti ń kọ ìṣòro kọ̀m̀pútà tí wọ́n bá gbé wá, sọ ọ́, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ọmọ_UnderG · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:52 àárọ̀

A ní i! Ìwé àkọsílẹ̀ gígùn kan ni. A máa ń kọ orúkọ oníbàárà, ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, ohun tí a ṣe sí i, àti ọjọ́ tó gbà á padà. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́.

Ọmọ_Aláàfin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan. Ẹ má jẹ́ kó kọ ọ́ pé òun ṣètò ìkìlọ̀ aládàáṣe nínú Splunk. Splunk ọ̀fẹ́ kò ní ìkìlọ̀ rárá, wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni.

Olùṣọ́_Òru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ìdajì òótọ́ nìyẹn, ó sì dára pé o gbé e wá. Nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbé Splunk Enterprise sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń dán an wò, ìkìlọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ènìyàn lè bọ́ sórí ti ọ̀fẹ́, èyí tí kò ní ìkìlọ̀, tí kò sì gbà ju 500 MB àkọsílẹ̀ lọ lójúmọ́. Nítorí náà, ẹni tó ṣètò ìkìlọ̀ láàárín ọjọ́ 60 yẹn kò purọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ní kí ó ṣí i hàn wá lónìí, kò ní sí mọ́. Ọmọ_UnderG, bí o bá ṣe é, àwòrán ojú kọ̀m̀pútà rẹ ìgbà náà ni ẹ̀rí rẹ. Bí o kò bá ní àwòrán, kọ “ìbéèrè ìwádìí”, má kọ “ìkìlọ̀”.

Ìyá_Ìbejì_Tákìé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ó ku ti sàtífíkéètì. Ọmọ mi, o kọ pé o yege ìdánwò CC. Ṣé o ti san owó ọdọọdún ISC2, 50 dọ́là yẹn? Bí o kò bá tíì san án, o yege ìdánwò lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fún ọ ní sàtífíkéètì náà, orúkọ rẹ kò sì ní yọ bí ilé-iṣẹ́ bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí ọmọ tí èyí kó ìtìjú bá, kì í sì í ṣe òpùrọ́. “Mo yege ìdánwò CC” pẹ̀lú oṣù àti ọdún ni kí o kọ títí o fi máa san owó.

Security+ ni kí o fi ṣáájú, kí o sì kọ ọjọ́ tí yóò parí, nítorí ọdún mẹ́ta ló ń lò. Ti TryHackMe jẹ́ ẹ̀kọ́ tí o parí, kò sí ẹni tó jókòó tì ọ́ ní gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí náà má tò ó pọ̀ mọ́ àwọn méjì yẹn. Ìlà kan lábẹ́ “Ẹ̀kọ́” tó o.

Kí o sì yọ ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìlú bàbá rẹ àti àwòrán rẹ kúrò. Ojú ìwé kan ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ti àdírẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló máa ń fi àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n wọn ní Èkó síbẹ̀. Èmi kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí o bá lè débẹ̀ sùn lóòótọ́.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:01 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú, ibẹ̀ ni mi ò ti gbà pẹ̀lú yín. Iṣẹ́ òru ni. Bí wọ́n bá pè é lọ́la ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nítorí wọ́n rò pé Ìkẹjà ló ń gbé ńkọ́? Kí ó kọ “Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣe tán láti kó wá sí Èkó, mo sì lè ṣiṣẹ́ òru.” Ìlà kan yẹn ti dáhùn ìbéèrè kẹrin inú ìpolówó náà.

Ìyá_Ìbejì_Tákìé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:20 alẹ́

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó sí yàrá tí wọ́n ti to ìwé àwọn ará Èkó lọ́tọ̀ kí wọ́n tó ka ti ẹlòmíràn. Kí ó mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, kí ó sì yan èyí tí ọkàn rẹ̀ bá gbà.

Ọmọ_UnderG · Ọjọ́rú, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti tún un kọ. Ojú ìwé kan, ọ̀wọ́n kan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi sílẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru sí i. Mo kọ CC gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí, nítorí mi ò tíì san owó náà. Mo yọ Nessus, Burp Suite àti Metasploit kúrò pátápátá. Ti ilé kọ̀m̀pútà rèé:

“Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé àti kọ̀m̀pútà, Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún méjì. Mo ń kọ ìṣòro ẹ̀rọ àwọn oníbàárà sínú ìwé, pẹ̀lú ohun tí a ṣe sí i àti bó ṣe parí. Mo ń tún Windows tí kòkòrò ẹ̀rọ wọ̀ ṣe, mo sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB láìfi páásíwọọ̀dù wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ wa.”

Mo kọ ìjábọ̀ láàbù náà lálẹ́ àná, ó ti wà lórí GitHub. Mo fi gbólóhùn kan kún ti ẹ̀gbọ́n ní ìparí: “Mo sì dá ìkọlù náà dúró.”

Olùṣọ́_Òru · Ọjọ́rú, aago 8:44 alẹ́

Ti ilé kọ̀m̀pútà dára gan-an, má fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n yọ gbólóhùn ìkẹyìn tí o fi kún un. O kò dá nǹkan kan dúró, Hydra rí páásíwọọ̀dù náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí èmi máa bi ọ́ ni èyí: ìgbà 46 ni wọ́n gbìyànjú, kí ló dé tí àkáǹtì náà kò fi tì?

Ọmọ_UnderG · Ọjọ́rú, aago 9:10 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n. Òfin títi àkáǹtì kò sí lórí Windows yẹn rárá, `Never` ló wà níbẹ̀.

Olùṣọ́_Òru · Ọjọ́rú, aago 9:15 alẹ́

Nígbà náà, o mọ ohun tó kù.

Ọmọ_UnderG · Ọjọ́bọ̀, aago 1:25 òru

Mo dúró de iná. Mo ṣí `cmd` lórí Windows gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, mo sì tẹ èyí:

```
net accounts /lockoutthreshold:5
```

Mo tún Hydra gbé dìde pẹ̀lú fáìlì kan náà. Lẹ́yìn ìkùnà karùn-ún, 4740 yọ: àkáǹtì `test1` ti tì. Àwọn 4625 tó tẹ̀lé e wá gbé kóòdù mìíràn, `0xC0000234`, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá 4624 láti àdírẹ́sì Kali, kò sí. Páásíwọọ̀dù tó tọ̀nà wà nínú fáìlì náà síbẹ̀síbẹ̀.

Mo ti yọ “mo sì dá ìkọlù náà dúró” kúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: “Mo rí i pé kò sí òfin títi àkáǹtì, mo fi ìdíwọ̀n ìgbà 5 sí i, mo tún ìkọlù náà ṣe, mo sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú 4740 pé àkáǹtì náà tì kí ìwọlé kankan tó yọrí.” Mo ti fi í ránṣẹ́ sí wọn.